Ikọ́ àwúbì wọlé, ìkókó sì wà nínú ilé: ohun tí ẹ ó ṣe láti ọjọ́ kìíní

Ẹni tó ń kó ikọ́ àwúbì ran ìkókó kì í sábà jẹ́ àlejò. Ìyá rẹ̀ ni, tàbí bàbá rẹ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí ìyá àgbà tó ń gbé e jó. Lára àgbàlagbà, ikọ́ yìí lè má ju ikọ́ kan tí kò lọ bọ̀rọ̀, tó ń dá oorun mọ́ni lójú. Lára ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀nà èémí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, agbára tí yóò fi kọ́ kò tó nǹkan, mímí rẹ̀ sì lè dúró láìpariwo. Nítorí náà, ilé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí.

Apòògùn ni mí. Àṣìṣe tí mo ń rí jù kì í ṣe pé wọ́n ra òògùn tí kò dára. Òògùn tó yẹ ni wọ́n ń rà, àmọ́ wọ́n ti pẹ́ kí wọ́n tó wá, wọ́n sì ń rà á fún ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹni 5 tó yẹ kó lò ó.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí òògùn náà lè ṣe

Kòkòrò tó ń fa ikọ́ àwúbì, bọdẹtẹ́là, máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn irun wínníwínní tó wà nínú ọ̀nà èémí, àwọn irun tó ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Ó ń da oró síbẹ̀, àwọn irun náà á sì bàjẹ́. Àwọn òògùn apakòkòrò tí à ń pè ní makiroláìdì ń pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n wọn kò lè kó oró tó ti dà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè hu irun tó ti bàjẹ́. Ara ni yóò tún un ṣe fúnra rẹ̀, ó sì lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú ilé ni pé bí òògùn bá tètè wọlé, nígbà tí ó ṣì jọ ọ̀fìnkìn lásán, ó lè dín agbára ikọ́ náà kù. Bí ikọ́ àkọ́tẹ̀léra bá ti bẹ̀rẹ̀, òògùn kì í sábà mú un yá kíá mọ́. Èrè rẹ̀ nígbà yẹn ni pé ẹni tó lò ó fún ọjọ́ 5 gbáko kò ní lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́. Ẹni tí kò lò ó lè máa kó o ran ènìyàn títí di bí ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn tí ikọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ìyá àgbà bá lo òògùn tán tó sì ṣì ń kọ́, kì í ṣe pé òògùn náà kò ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe tún òmíràn rà fún un.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú kàlẹ́ńdà

Ọjọ́ tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀ lára ẹni àkọ́kọ́ ni ìṣirò gbogbo dúró lé. Ẹ má fi ojú bù ú. Ẹ béèrè pé: "Ṣé ẹ ti ń kọ́ kí a tó ṣe ìsọmọlórúkọ, àbí ẹ̀yìn rẹ̀ ni?" Ọ̀rọ̀ bíi "ó ti pẹ́ díẹ̀" kò wúlò fún dókítà, àmọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí gbogbo ilé rántí máa ń tọ́ka sí ọjọ́ gan-an.

Ààlà mẹ́ta ni ẹ ó sàmì sí. Ẹni tó ti lé ní ọdún kan tó sì ń kọ́, ìtọ́jú wúlò fún un bí ikọ́ rẹ̀ kò bá tíì ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, àti aboyún tó ti sún mọ́ ọjọ́ ìkúnlẹ̀, a lè tọ́jú wọn títí di ọ̀sẹ̀ 6. Ẹni tí kò tíì kọ́ rárá ńkọ́, tó kàn ń gbé pẹ̀lú ẹni tó ń kọ́? Òògùn ìdènà wúlò fún un bí kò bá tíì ju ọjọ́ 21 lọ tí ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀ lára ẹni àkọ́kọ́.

Ìgbà tí ó fi ń jọ ọ̀fìnkìn lásán, imú tó ń ṣàn, ikọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsí ibà tàbí pẹ̀lú ibà díẹ̀, ni ó ń ràn jù. Nígbà tí gbogbo ayé bá fi máa gbọ́ ohùn ikọ́ náà, ó ti ń kó ran ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Láti ọjọ́ tí ẹnì kan kó o sí ọjọ́ tí àmì yóò jáde sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 7 sí 10, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ tó ọjọ́ 21.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo ìkókó náà dáadáa

Lára ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀, a máa ń mọ̀ ọ́n. Ọmọ á kọ́, á tún kọ́, á kọ́ mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí èémí kan ṣoṣo, ojú rẹ̀ á pọ́n, omi á bọ́ lójú rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ á yọ síta. Nígbà tí ó bá rí àyè, yóò fa èémí wọlé pẹ̀lú ariwo "húùù", lẹ́yìn náà ni yóò bì. Láàárín ìkọ́ kan sí èkejì, ara rẹ̀ lè dá ṣáṣá débi pé dókítà tó bá wò ó ní ìṣẹ́jú yẹn lè sọ pé kò sí nǹkan kan. Mo máa ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi fóònù ká ìkọ́ kan sílẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú kan ń ṣe ohun tí àlàyé gígùn kò lè ṣe.

Ìkókó kì í ṣe "húùù". Kò ní agbára rẹ̀. Ohun tí ẹ ó rí lè jẹ́ ikọ́ kékeré méjì tàbí mẹ́ta, tàbí kí ikọ́ má sí rárá: ọmọ á kàn dákẹ́, àyà rẹ̀ kò ní gbéra mọ́, ara rẹ̀ á rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Lára ọmọ aláwọ̀ dúdú, ẹ má wá àwọ̀ búlúù ní ojú rẹ̀. Ahọ́n, èrìgì àti inú ètè ni kí ẹ wò. Bí wọ́n bá ti di búlúù tàbí aláwọ̀ eérú, èémí kò tó o nìyẹn.

Ilé ìwòsàn ni ẹ ó gbé e lọ lójú ẹsẹ̀ bí mímí rẹ̀ bá dúró nígbà kankan, bí inú ètè rẹ̀ bá yí àwọ̀ padà, bí gìrì bá mú un, bí kò bá lè mu ọmú tàbí tó ń bì í padà ní gbogbo ìgbà, tàbí bí ìtẹ́dìí rẹ̀ kò bá tutù mọ́ bí ó ti máa ń tutù. Ẹ má dúró de òwúrọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 tí a fura sí ikọ́ àwúbì lára rẹ̀, ilé ìwòsàn ló yẹ kó ti rí òògùn rẹ̀ àkọ́kọ́, kódà bí ara rẹ̀ bá dà bí ẹni pé ó yá. Wọ́n lè dá a dúró níbẹ̀ láti máa ṣọ́ mímí rẹ̀.

Bí ikọ́ bá mú un níṣojú yín, ẹ gbé e jókòó, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀, ẹ nu itọ́ tó bá jáde. Ẹ má ki ìka sí i lẹ́nu, ẹ má rọ omi sí i lọ́fun. Bí mímí rẹ̀ bá dúró, ẹ fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀ kó lè mí. Bí kò bá mí, ẹ ké sí àwọn olùrànlọ́wọ́ pàjáwìrì, kí ẹni tó mọ bí a ṣe ń fún ọmọ ní èémí bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àyẹ̀wò wà fún un. Wọ́n á ti igi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ gba ihò imú títí dé ẹ̀yìn ọ̀nà ọ̀fun. Ó dára kí wọ́n ṣe é kí òògùn tó wọlé, nítorí òògùn lè mú kí kòkòrò náà má hàn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìkókó bá wà nínú ilé tí ohun gbogbo sì jọ ikọ́ àwúbì, a kì í dúró de èsì kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka orí gbogbo ará ilé

Ibí ni ilé púpọ̀ ti ń kùnà. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń sùn nínú ilé náà, àti ẹni tí kì í sùn síbẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń gbé ọmọ náà, bí ẹni tó ń bá yín tọ́jú rẹ̀. Nínú ilé tí ìkókó wà, gbogbo wọn ni òògùn kàn, àti ẹni tó ń kọ́ àti ẹni tí kò kọ́. Ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé náà wà nínú wọn, nítorí agbára abẹ́rẹ́ yìí máa ń dínkù bí ọdún ti ń lọ. Ìwọ̀n òògùn ìdènà kò yàtọ̀ sí ìwọ̀n òògùn ìtọ́jú. Ọjọ́ kan náà ni kí gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí bàbá bá lò ó lọ́sẹ̀ yìí, tí ẹ̀gbọ́n lò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kòkòrò náà á kàn máa ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yan òògùn, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n

Makiroláìdì mẹ́ta ni a ń lò. Asitiromáísìnì ni mo fẹ́ràn jù fún ilé, nítorí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni, fún ọjọ́ 5. Kilaritiromáísìnì jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 7, a kì í sì fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan. Ẹritiromáísìnì ló pẹ́ jù nínú wọn: ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ fún ọjọ́ 14, ó sì máa ń da inú rú. Ẹ bi ara yín pé ta ni yóò jí lóru fún ọ̀sẹ̀ méjì láti fún ọmọ ní òògùn tó ń mú un bì.

Ìdí mìíràn tún wà tí a kò fi fẹ́ ẹritiromáísìnì fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan. Ó lè jẹ́ kí iṣan tó yí ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ ikùn ọmọ ki, kí ó sì fún, débi pé wàrà kò ní lè kọjá. Asitiromáísìnì náà lè fa èyí lára ọmọ tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ, ṣùgbọ́n ewu ikọ́ àwúbì fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tóbi jù ú lọ, nítorí náà òun ni a ń lò.

Ìwọ̀n asitiromáísìnì nìyí. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6: 10 mílígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ìwọ̀n kan náà fún ọjọ́ 5. Láti oṣù 6 lọ sókè: 10 mílígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ kìíní, kí ó má ju 500 lọ, lẹ́yìn náà 5 fún kílò kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ 2 sí 5, kí ó má ju 250 lọ. Àgbàlagbà: 500 ní ọjọ́ kìíní, 250 ní ọjọ́ 4 tó kù.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọjọ́ kìíní oṣù ni ikọ́ ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀. Òní jẹ́ ọjọ́ 17. Ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀fìnkìn ní ọjọ́ 12, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọjọ́ 15. Bàbá ọmọ kò kọ́. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 7, wọn kílò 22, kò kọ́. Ìkókó jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ 5, ó wọn kílò 4.2, ara rẹ̀ yá, dókítà sì ti wò ó.

Ọjọ́ 16 péré ni ikọ́ ìyá àgbà, kò tíì kọjá ọ̀sẹ̀ 3, nítorí náà ìtọ́jú kàn án. Ìyá ọmọ náà, ìtọ́jú kàn án. Àwọn mẹ́ta tó kù wà nínú ọjọ́ 21 ti ìdènà, èyí tí yóò parí ní ọjọ́ 22. Ká ní ìdílé yìí dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọwọ́ wọn ì bá ti bọ́ lára ti ìyá àgbà, àyàfi pé ìyá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ti di orísun tuntun, a ó sì máa ka ọjọ́ láti ọ̀dọ̀ òun.

Àwọn àgbà mẹ́ta lo oníhóró 250 mílígíráàmù: méjì lónìí, ẹyọ kan lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 4. Hóró 6 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 18 lápapọ̀.

Àwọn ọmọdé lo olómi. Àmì ara ìgò sọ pé 200 mílígíráàmù wà nínú 5 mílílítà, ìyẹn 40 nínú mílílítà kan. Ìkókó: 4.2 lọ́nà 10 jẹ́ 42 mílígíráàmù. 42 pín sí 40 ju mílílítà kan lọ bí irun orí, nítorí náà mílílítà 1 lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n: 220 mílígíráàmù ní ọjọ́ kìíní, ìyẹn mílílítà 5.5, lẹ́yìn náà 110, ìyẹn mílílítà 2.75, fún ọjọ́ 4. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ̀gbọ́n nìkan yóò mu mílílítà 16.5, ìkókó yóò mu 5. Ìgò tí a sábà ń tà gba mílílítà 15. Ìgò kan kò ní tó ẹ̀gbọ́n nìkan, ká má tíì wá sọ pé kí wọ́n pín in. Mo ti rí ilé tí òògùn tán ní ọjọ́ kẹrin, tí ìyá wá ní "ó ti tó bẹ́ẹ̀". Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níwájú apòògùn, kí ẹ sì ra ìgò méjì.

Ẹ tún ka ohun tó wà lára ìgò náà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó ní 100 mílígíráàmù nínú 5 mílílítà wà lọ́jà, ìdajì agbára èyí tí mo fi ṣírò ni. Bí ẹ bá wọn mílílítà 1 nínú rẹ̀ fún ìkókó wa, ìdajì òògùn ni ó rí gbà.

Kí dókítà tó kọ ọ́, ẹ sọ fún un bí ẹnikẹ́ni bá ní àìsàn ọkàn tàbí bí lílù ọkàn rẹ̀ kì í báa dọ́gba, nítorí makiroláìdì lè dà á rú sí i. Ẹ ka orúkọ gbogbo òògùn tí ìyá àgbà ń lò fún un. Kilaritiromáísìnì àti ẹritiromáísìnì máa ń bá òògùn púpọ̀ jà, pàápàá àwọn òògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kan. Bí ara ẹnìkan kò bá gba makiroláìdì, kotirimosasóòlù wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, kì í sì í ṣe fún aboyún tàbí ìyá tó ń fún ìkókó lọ́mú.

Ìgbésẹ̀ 5: Fífún ọmọ ní òògùn

Ẹ kọ́kọ́ gbọn ìgò gbígbẹ náà kí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ má lẹ̀ mọ́ ìdí. Omi tí a sè tó ti tutù ni kí ẹ lò, iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gan-an, kì í ṣe iye tó bá wù yín. Ẹ tún gbọn ìgò náà kí ẹ tó fa òògùn lójoojúmọ́, nítorí ó máa ń rọ̀ sísàlẹ̀.

Síríǹjì aláìlábẹ́rẹ́ ti mílílítà 1 ni ẹ ó lò fún ìkókó. Ṣíbí ìdáná kò ní ìwọ̀n kan pàtó. Ẹ gbé orí ọmọ sókè díẹ̀, ẹ ti ẹnu síríǹjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti inú, kì í ṣe sí orí ahọ́n, kí ẹ máa tì í díẹ̀díẹ̀ kó máa gbé e mì. Ẹ má ṣe é nígbà tí ikọ́ ń mú un. Lẹ́yìn tí ìkọ́ kan bá ti rọlẹ̀ ni àyè wà. Bí ó bá bì í kíá lẹ́yìn tó mu ún, ẹ pe ẹni tó kọ òògùn náà kí ẹ tó fún un ní òmíràn.

Òògùn ikọ́ aládídùn kò ní iṣẹ́ kankan níbí, ó sì léwu fún ìkókó.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọjọ́ 5 tó le jù

Nínú ilé àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ 17 ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 21 ni ọjọ́ karùn-ún. Láti ọjọ́ 22 ni ìyá àgbà lè gbé ọmọ padà. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, yàrá mìíràn ni kó máa sùn, kó má sì súnmọ́ ọmọ. Ó máa ń dùn wọ́n. Ẹ fi yé wọn pé ọjọ́ 5 ni, kì í ṣe pé a lé wọn.

Ìyá tó ń kọ́ kò ṣeé yà kúrò lọ́dọ̀ ọmọ tó ń mu ọmú, a kò sì fẹ́ kó dáwọ́ ọmú dúró. Kí ó lo ìbomú ní gbogbo ìgbà tó bá gbé ọmọ, kó fọ ọwọ́ rẹ̀ ṣáájú, kó yí ojú kúrò bí ikọ́ bá fẹ́ mú un. Lẹ́yìn ọmú, kí ó gbé ọmọ fún bàbá, tí kò kọ́ tó sì ti ń lo òògùn. Asitiromáísìnì kò ní kí ó má fún ọmọ lọ́mú.

Ẹ̀gbọ́n tí kò kọ́ lè máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ bí òfin ibẹ̀ bá gbà á. Bí ikọ́ bá bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, kó dúró sílé títí òògùn yóò fi pé ọjọ́ 5.

Ìgbésẹ̀ 7: Lẹ́yìn tí òògùn tán

Ẹ máa ṣọ́ gbogbo ilé fún ọjọ́ 21 lẹ́yìn ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n wà pẹ̀lú ẹni tó ṣì lè kó o ran ènìyàn. Òògùn ìdènà kì í mú ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ikọ́ tuntun kankan lára ìkókó, ilé ìwòsàn.

Fún oṣù kan, ẹ wo bí ọmọ náà ṣe ń bì. Èébì wàrà tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu kì í ṣe nǹkan. Èyí tó ń fò jáde bí omi inú páìpù lẹ́yìn oúnjẹ gbogbo, tí ebi sì tún ń pa ọmọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí kò sì sanra mọ́, ni ẹ ó gbé lọ fún dókítà, kí ẹ sì dárúkọ òògùn tí ó lò fún un.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ kò gbọdọ̀ pẹ́ nítorí òògùn yìí. Láti ọ̀sẹ̀ 6 ni a lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ fún ìkókó wa. Ẹyọ kan kò tó láti dáàbò bò ó, nítorí náà ẹ má fo àwọn tó kù. Bí ìyá bá tún lóyún lọ́jọ́ iwájú, kí ó béèrè abẹ́rẹ́ ikọ́ àwúbì ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn oyún rẹ̀, ní ìgbà tí ètò ìlera ibi tó ń gbé bá sọ. Ààbò tí ara rẹ̀ bá ṣe yóò gba ara ibi ọmọ kọjá, ọmọ á sì ti ní in lára kí ó tó wáyé. Òun ló ń dí àlàfo ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́ yẹn.

Bí ọ̀fìnkìn lásán bá mú ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá àgbà ní oṣù díẹ̀ sí i, ikọ́ àkọ́tẹ̀léra yẹn lè tún padà fún ọjọ́ mélòó kan, pẹ̀lú ohùn kan náà. Ọ̀nà èémí tí kò tíì sàn tán ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àkóràn tuntun, asitiromáísìnì kò sì ní ohun tí yóò ṣe sí i.